Ímeèlì àkọ́kọ́ sí súpáfáísọ̀: ohun tí mo rí nígbà tí mo kọ tèmi, àti nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka tàwọn ẹlòmíì

Omi abẹ́ ilẹ̀ ni ẹgbẹ́ ìwádìí tí mo wà báyìí ń ṣe, súpáfáísọ̀ wa sì ní ìṣe kan, tí ímeèlì ẹni tó ń wá ààyè oyè ọ̀mọ̀wé bá wọlé, tó sì jọ bíi pé ó kan iṣẹ́ wa, wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú àwa tó ti pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní, "Bá mi wò ó, kí lo rí sí i?" Mo ti ka púpọ̀ nínú ẹ̀ báyìí. Ká má parọ́, àwọn tí wọn ò rí èsì gbà, ọ̀pọ̀ wọn mọ̀wé gan-an, àwọn míì tiẹ̀ mọ̀wé jù mí lọ nígbà tí mo kọ tèmi. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé ìbéèrè tí wọ́n béèrè, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ dáhùn ẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta mẹ́rin padà, pírọ́fẹ́sọ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ dí ò sì ní ráyè ìyẹn, á ní òun á padà wá sí i, ó parí nìyẹn.

Ìbéèrè ọ̀hún ni "Ṣé ẹ ní ààyè fún mi?" Gbogbo wa la máa ń béèrè ẹ̀, èmi náà béèrè ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àga tó ṣófo nínú láàbù. Ohun tí pírọ́fẹ́sọ̀ máa kọ́kọ́ rò ni owó. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, owó oṣù akẹ́kọ̀ọ́ àti owó ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ máa ń ti inú owó ìwádìí tí pírọ́fẹ́sọ̀ fúnra wọn kọ̀wé gbà, owó yẹn sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Oyè ọ̀mọ̀wé náà á gba bí ọdún 3 sí 5, nígbà míì ó tiẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sinmi lórí orílẹ̀-èdè. Tó bá wá ku ọdún kan ààbọ̀ kí owó tó wà nílẹ̀ tán, bó ti wù kí ẹ mọ̀wé tó, wọn ò lè fi owó yẹn gbà yín, àfi kí owó wá láti ibòmíì. Lẹ́yìn owó, àkókò ló kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ ìwé àṣejáde lọ́wọ́ máa ń gba àkókò súpáfáísọ̀ ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ, torí pé orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa kà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí náà ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ mẹ́ta fẹ́ parí lọ́dún kan náà lè sọ pé ìdáhùn òun ni rárá lọ́dún yìí, kó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn míì fẹ́ lọ fún ọdún ìsinmi tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí níbòmíì, àwọn míì ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, dìpátímẹ́ǹtì wọn ò sì ní jẹ́ kí wọ́n mú ẹni tí wọn ò ní lè mú dé ìparí. Lẹ́yìn náà la tó wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ láàbù tí gbogbo èèyàn ń tò sí.

Nítorí náà, kí pírọ́fẹ́sọ̀ tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní àwọn nǹkan tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa yín: oṣù wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ta ló máa sanwó, kí lẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí ní pàtó, kí lẹ sì ti lè dá ṣe. Tí wọ́n bá rí gbogbo ẹ̀ nínú ímeèlì kan tí wọ́n lè kà tán lórí fóònù láàárín ìpàdé méjì, wọ́n á dáhùn, kódà tó bá jẹ́ rárá ni.

Kí n tó kọ tèmi, mo kọ́kọ́ lọ wo bóyá ìdáhùn ti wà níta. Ojú ewé pírọ́fẹ́sọ̀ lórí sáìtì ilé ẹ̀kọ́ wọn nìyẹn, àwọn kan á kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé àwọn ń gba akẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún báyìí báyìí tàbí pé àwọn ò gbà, àwọn kan á tiẹ̀ kọ bí àwọn ṣe fẹ́ kí ẹ kọ ímeèlì ọ̀hún, kódà ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ fi sí àkọlé ẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ ẹni tó ka ojú ewé náà àti ẹni tí ò kà á. Ibi tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n kan tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú kẹ́mísírì fi hàn mí, ni ibi tí àwọn àjọ tó ń fowó sílẹ̀ fún ìwádìí ń kó orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n fún lówó sí. Ti Amẹ́ríkà wà lórí NSF Award Search, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí Gateway to Research, ti Jámánì wà lórí GEPRIS, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀, kò sì gba kí èèyàn ní àkáǹtì. Ẹ tẹ orúkọ pírọ́fẹ́sọ̀ síbẹ̀, á gbé àkọlé iṣẹ́ náà jáde, àti àkékúrú ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà á sì sọ ìgbà tó máa parí. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ó ṣeé ṣe kó máa wá èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tí tiẹ̀ máa parí lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹ ò sì rí òmíràn, ẹ lè kọ̀wé sí i o, ṣùgbọ́n sikọ́láṣíìpù lẹ máa bá a sọ. Kì í ṣe gbogbo owó ló ń hàn níbẹ̀ ṣá, owó tó wá láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ tàbí láti inú ilé ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀ kì í sí níbẹ̀, ìyẹn ni mi ò fi ní sọ pé tẹ́ ò bá rí nǹkan kan, kò sí owó.

Ó tún dáa kẹ́ ẹ mọ irú ètò tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀. Ní Jámánì, tó bá jẹ́ ọ̀nà tí èèyàn fi ń dá ṣe oyè ọ̀mọ̀wé ni, súpáfáísọ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tó bẹ̀rẹ̀, ímeèlì yẹn ni ilẹ̀kùn. Ní ọ̀pọ̀ dìpátímẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ló ń yan àwọn tí wọ́n máa gbà, pírọ́fẹ́sọ̀ kan ò lè dá ṣèlérí, àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọdún àkọ́kọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa yí káàkiri láàbù mélòó kan kó tó mú ọ̀kan. Níbi tó rí báyẹn, tí pírọ́fẹ́sọ̀ bá sọ fún yín pé "ẹ kọ̀wé gba pọ́tàlì," kì í ṣe pé wọ́n lé yín o, bí ètò wọn ṣe rí nìyẹn.

Ó yá, ímeèlì gan-an. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, mo fi han ẹ̀gbọ́n tí mo sọ yẹn. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní, "Àbúrò, tí mo bá pa orúkọ ẹ àti orúkọ pírọ́fẹ́sọ̀ yìí rẹ́, ṣé ẹlòmíì lè fi ránṣẹ́ sí pírọ́fẹ́sọ̀ mìíràn láìyí nǹkan kan padà?" Mo ní bóyá ìpínrọ̀ kan péré ni ò ní bá a mu. Wọ́n ní ìpínrọ̀ yẹn ni kí n fi sílẹ̀, kí n wá kọ́ ìyókù yí i ká. Ìpínrọ̀ yẹn ni ibi tí mo ti sọ ohun tí mo rí nínú omi kànga tí mo fi ṣe másításì.

Ohun tó jáde níkẹyìn rèé, àkọlé ẹ̀ ni "Ìbéèrè nípa ààyè oyè ọ̀mọ̀wé, oṣù Kẹsàn-án: fúlóráìdì nínú omi kànga orí gíráníìtì":

"Ọ̀jọ̀gbọ́n (mo fi orúkọ ìdílé wọn síbẹ̀),

Mo ń parí másításì nínú ẹ̀kọ́ omi abẹ́ ilẹ̀, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Mo kọ̀wé láti béèrè bóyá ẹ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun nígbà náà.

Fún másításì mi, mo gba omi nínú kànga 42 tí gbogbo wọn wà lórí gíráníìtì kan náà. Fúlóráìdì inú wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0.3 mg/L títí dé 4.1 mg/L, àwọn tó ga jù ló sì ní kálísíọ̀mù tó kéré jù. Mo yọ gbogbo èyí tí ìṣirò áyọ́ọ̀nù ẹ̀ fi ju 5% yapa sọ́tọ̀. Ohun tí dátà mi ò lè sọ ni ibi tí kálísíọ̀mù náà gbà lọ: ṣé ó di òkúta kálísáìtì sínú ilẹ̀ ni, àbí amọ̀ ló gbà á mọ́ra tó sì tú sódíọ̀mù sílẹ̀ dípò ẹ̀.

Nínú pépà yín lórí omi inú àpáta tó ti jẹrà, ẹ kọ́kọ́ wọn iye áyọ́ọ̀nù tí amọ̀ lè pààrọ̀ kí ẹ tó gbé e sínú PHREEQC. Mo rò pé irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lórí amọ̀ tó wá láti àyíká àwọn kànga mi lè ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Mo ti lo PHREEQC láti ṣírò bóyá omi ti yó fún kálísáìtì àti fúlóráìtì, mi ò tíì fi ṣe àwòṣe ìpààrọ̀ áyọ́ọ̀nù rí.

Mi ò ní owó ìrànwọ́ báyìí. Mo fẹ́ kọ̀wé fún sikọ́láṣíìpù ilé ẹ̀kọ́ yín, wọ́n máa tì í ní oṣù Kìíní. Ṣé ẹ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù Kẹsàn-án, ṣé ìbéèrè yìí sì sún mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ṣe? Mo so síví mi mọ́ ọn, ojú ewé méjì ni.

Ẹ ṣé gan-an."

Ó tán. Kò sí ìtàn bí mo ṣe fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì láti kékeré, kò sí "ògbóǹtarìgì tí gbogbo ayé mọ̀," kò sí ìbéèrè nípa owó fọ́ọ̀mù àti ìdánwò èdè torí pé ọ́fíìsì ìgbaniwọlé ló ni ìyẹn, pírọ́fẹ́sọ̀ ọ̀pọ̀ ìgbà ò tiẹ̀ mọ ìdáhùn ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìpínrọ̀ kejì, torí òun ló ṣiṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwọ̀n 1.5 mg/L lélẹ̀ fún fúlóráìdì nínú omi mímu, tó bá ń kọjá ìyẹn lọ, ewu pé eyín àwọn ọmọdé á ní àbàwọ́n á máa pọ̀ sí i, tó bá wá ga gan-an tó sì pẹ́, ó máa ń dé egungun. Gbogbo èèyàn tó wà nínú iṣẹ́ yìí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà mi ò kọ ọ́. Ohun tí mo kọ ni ohun tí ẹni tó wà nínú iṣẹ́ náà máa fẹ́ bá mi jiyàn lé lórí. Òkúta fúlóráìtì, CaF2, kálísíọ̀mù àti fúlóráìdì ló para pọ̀ di òun, nítorí náà tí kálísíọ̀mù bá ti pọ̀ nínú omi, fúlóráìdì ò lè pọ̀ níbẹ̀, méjèèjì á so pọ̀, wọ́n á di òkúta padà. Tí nǹkan kan bá ń mú kálísíọ̀mù kúrò nínú omi, fúlóráìdì á ráyè gòkè. Ìdí nìyẹn tí kànga méjì tó wà lórí àpáta kan náà fi lè yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ wá ni pé kí ló ń mú kálísíọ̀mù lọ. Ìyẹn ni mo fi sọ pé ohun tí dátà mi ò lè sọ rèé. Nígbà tí mo wá ń ka ímeèlì àwọn ẹlòmíì, mo rí i pé gbólóhùn yẹn gan-an ló sábà máa ń sọnù. Ẹni kan á kọ pé òun nífẹ̀ẹ́ sí dídára omi, ìyípadà ojú ọjọ́, àwòrán sátẹ́láìtì, ìṣàkóso omi, àti ẹ̀kọ́ nípa ìdọ̀tí, gbogbo ẹ̀ lórí ìlà kan, tí ẹ bá sì kà á tán ẹ ò mọ ibi tí ọkàn ẹ̀ wà. Ìfẹ́ ìwádìí tí èèyàn lè lò ni èyí tó ní ohun kan tí ẹ ti rí àti ohun kan tí ẹ ò tíì mọ̀, tí ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí sì lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀.

Gbólóhùn kúkúrú nípa ìṣirò áyọ́ọ̀nù yẹn náà, mo fẹ́ yọ ọ́ kúrò tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó jọ àlàyé tó pọ̀ jù. Omi kì í ní iná lára, àwọn áyọ́ọ̀nù tó ní pọ́sítíìfù àti àwọn tó ní nẹ́gátíìfù gbọ́dọ̀ dọ́gba, tí wọn ò bá wá dọ́gba lórí ìwé, a jẹ́ pé ẹ̀rọ wọn nǹkan kan ṣì tàbí ó ní nǹkan kan tí wọn ò wọ̀n rárá. Ẹni tó bá sọ pé òun yọ àwọn tó yapa ju 5% lọ, láìsọ ọ́, ti sọ fún pírọ́fẹ́sọ̀ pé òun kì í kàn gbé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá fún òun. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ṣe ìtàn lè sọ pé òun ti rí ìwé àtijọ́ náà fúnra òun, àti èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ tí òun sì lè kà. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò lè sọ bí òun ṣe rí àwọn tí òun bá sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan ti tó.

Ìpínrọ̀ nípa pépà wọn ńkọ́? Ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí jù. Ẹ máa rí ẹni tó kọ pé "mo ka pépà yín, ó wú mi lórí gan-an," tó wá fi àkọlé pépà náà síbẹ̀ lódindi, ó hàn pé àkọlé nìkan ló kà. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé lẹ́tà tí wọ́n fi kọ orúkọ pírọ́fẹ́sọ̀ àti àkọlé pépà yàtọ̀ sí ìyókù, ó tóbi díẹ̀, àwọ̀ eérú sì wà lẹ́yìn ẹ̀, torí pé orí sáìtì ni wọ́n ti dà á kọ, súpáfáísọ̀ wa ò ka ìlà kejì. Ohun tí mo ṣe ni pé mi ò sọ̀rọ̀ nípa àbájáde pépà náà rárá, apá tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ ni mo lọ, ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó lo PHREEQC, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò kẹ́míkà inú omi. Àwọn tí kò kà á gidi kì í débẹ̀. Ẹ sì wo ọdún tí pépà náà jáde o. Tó bá ti pẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn, ẹ to pépà wọn sí ti ọdún tuntun lórí Google Scholar kẹ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí àti irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ wọn ń ṣíwájú níbẹ̀.

Ibi tí mo ti sọ pé mi ò tíì ṣe àwòṣe ìpààrọ̀ rí, ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n yọ ọ́, pé mò ń fi ara mi hàn bí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n. Mi ò gbà. Pírọ́fẹ́sọ̀ fẹ́ mọ iye àkókò tí wọ́n máa fi kọ́ mi, ara ààyè tí wọ́n ń ṣírò nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé òun lè ṣe gbogbo nǹkan, wọ́n ò ní gbà á gbọ́ lórí èyí tó mọ̀ pàápàá.

Fáìlì ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. PDF kan, kí orúkọ yín wà lára orúkọ ẹ̀, bíi `Oruko_CV.pdf`, torí pé fáìlì tó ń jẹ́ `CV_new_final2.pdf` á sọnù láàárín ogún irú ẹ̀. Ẹ má fi líǹkì ránṣẹ́ dípò fáìlì. Mo ti tẹ líǹkì báyìí rí tó ní kí n kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ kí n tó lè ṣí i, ẹni tó fi ránṣẹ́ á máa retí èsì, pírọ́fẹ́sọ̀ ò sì rí nǹkan kan kà. Tiránsíkíríìpù àti ìwé àbá ìwádìí olójú ewé mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ẹ̀, àyàfi tí ojú ewé wọn bá sọ pé kẹ́ ẹ fi sí i.

Èsì tó wọlé fún mi kúrú, ó tiẹ̀ yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní owó tó wà lọ́wọ́ àwọn ò ní tó, ṣùgbọ́n tí mo bá rí sikọ́láṣíìpù náà, àwọn á gbà mí, lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan: "Ṣé ẹ lo TISAB nígbà tí ẹ wọn fúlóráìdì?" Ìyẹn ni omi kẹ́míkà tí a máa ń pò mọ́ omi kànga kí a tó fi ọ̀pá ẹ̀lẹ́kítíróòdù wọn fúlóráìdì, torí pé álúmínọ́ọ̀mù àti irin inú omi lè di fúlóráìdì mú, ọ̀pá náà ò sì ní rí èyí tí wọ́n bá dì mú, nọ́ńbà á wá kéré ju bó ṣe yẹ lọ. TISAB á tú u sílẹ̀, á sì mú kí pH gbogbo omi náà bára mu, ní bíi 5 sí 5.5. Mo dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì TISAB, ìdajì omi, mo sì sọ ibi tí mo ti gba ìlànà náà. Ẹ wò ó, wọn ò béèrè máàkì mi. Tí mi ò bá kọ nọ́ńbà 4.1 yẹn síbẹ̀, kò sí ohun tí wọn ì bá fi dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

"Mi ò ní owó, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí sikọ́láṣíìpù" yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kà á sí ìkọ̀sílẹ̀ tó ní ọ̀wọ̀. Nígbà míì bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á bá yín wo ìwé àbá tẹ́ ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ fún sikọ́láṣíìpù náà, àti bóyá wọ́n á kọ lẹ́tà tí sikọ́láṣíìpù náà bá ní kí súpáfáísọ̀ kọ. Ẹni tó fẹ́ yín lóòótọ́ á mú ọjọ́ kan. Ẹni tí ò fẹ́ á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí owó ná. Ẹ sì ṣírò ọjọ́ dáadáa, tí wọ́n bá máa ti sikọ́láṣíìpù ní oṣù Kìíní, ímeèlì tó wọlé ní oṣù Kejìlá ti pẹ́ jù, torí ìwé àbá gidi máa ń lọ máa ń bọ̀ láàárín yín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá dáa jù fún irú ẹ̀.

Tí wọ́n bá sì dákẹ́? Mo máa ń sọ fún àwọn tó ń bi mí pé kí wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n wá fèsì sórí ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn fúnra ẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ lè wà lójú kan, ìlà méjì péré: pé ẹ ń rán wọn létí, pé ẹ máa kọ̀wé fún sikọ́láṣíìpù tó máa tì lọ́jọ́ báyìí, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ààyè wà. Ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Súpáfáísọ̀ wa ti dá ẹni kan lóhùn lórí ìránnilétí yẹn, torí pé inú igbó ni wọ́n wà tí wọ́n ń gba omi nígbà tí àkọ́kọ́ wọlé. Ẹni tó fi ìránnilétí ṣọwọ́ lójoojúmọ́ kò rí èsì kankan.

Èèyàn lè kọ̀wé sí pírọ́fẹ́sọ̀ tó pọ̀, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, àwọn náà mọ̀ pé ẹ ò lè dúró de ẹnì kan. Ibi tó ti máa ń di wàhálà ni tó bá jẹ́ inú dìpátímẹ́ǹtì kan náà ni méjèèjì wà, tí ẹ sì sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé òun nìkan ni ẹ fẹ́. Wọ́n jọ ń jókòó ìpàdé. Súpáfáísọ̀ wa ti gbé ímeèlì kan fún ẹni tí ọ́fíìsì ẹ̀ kọjú sí tiwọn, pé "èyí bá iṣẹ́ yín mu jù," onítọ̀hún ní òun náà ti gba ẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, "ẹ̀yin nìkan" kan náà. Ẹ kọ sí ẹnì kan, tí ó bá kọ̀ tàbí tó dákẹ́ lẹ́yìn ìránnilétí, ẹ lọ sí ẹnì kejì, ẹ sì lè sọ fún un pé ẹ ti bá lágbájá sọ̀rọ̀. Èmi náà kọ sí pírọ́fẹ́sọ̀ kan nílé ẹ̀kọ́ mìíràn, nígbà tí sikọ́láṣíìpù wá bọ́ sí i fún mi, mo kọ ìlà mẹ́ta sí wọn pé mo ti gba ààyè níbòmíì, mo dúpẹ́. Wọ́n ka pépà àkọ́kọ́ mi kí ó tó jáde, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa tábìlì kejì ló jẹ́ ká tún un ṣe.

Nípa amọ̀ tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ nínú ímeèlì náà, mi ò fi ṣe oyè ọ̀mọ̀wé mi o. Nígbà tí a kó èyí tí àwọn tó gbẹ́ kànga fi pamọ́ dé láàbù, ó kéré jù, omi tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ sì ti fọ áyọ́ọ̀nù ara ẹ̀ dànù, kò sí ìpààrọ̀ kankan tí a fẹ́ wọ̀n lórí ẹ̀. Orí òkúta tí wọ́n gé jáde láti inú ilẹ̀ la wá gbé ìdánwò náà lọ, ìbéèrè náà sì yí padà díẹ̀. Súpáfáísọ̀ wa ò rí nǹkan kan wí sí i. Wọ́n ní àwọn ò gbà mí torí amọ̀.